Ẹ̀bùn orí TikTok: Ọrẹ àtinúwá ni, àbí owó ìtìjú?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń náwó fún onílù. Bí àyàn bá gbé gángan sókè níbi ìnáwó, tó sì fi oríkì bàbá ẹni pe ẹni, ọwọ́ á bọ àpò. Nígbà mìíràn, inú dídùn ló mú onítọ̀hún yọ owó. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú àwọn tó ń wò ó ló ń tì í, owó oúnjẹ ilé rẹ̀ ló sì ná. Àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì: èkíní ni ọrẹ, èkejì ni owó ìtìjú.

Àṣà yìí ti wọ inú fóònù báyìí. Ní ìlú bíi Ọ̀tà àti Sango, níbi tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ti ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ láàárọ̀, tí òmíràn sì ń ti iṣẹ́ ọ̀sán bọ̀ lálẹ́, fóònù ni eré ìdárayá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aláwàdà, olórin tàbí ẹni tó kàn mọ ọ̀rọ̀ sọ lè jókòó sílé, kó máa bá èrò sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí TikTok, kí àwọn tó ń wò ó sì máa fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó dá ènìyàn lára yá tọ́ sí owó. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí wọ́n ṣe ń gba owó náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe náírà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́bùn á kọ́kọ́ fi náírà ra owó ẹyọ orí TikTok, tí wọ́n ń pè ní kọ́ìnì, á sì fi kọ́ìnì náà ra àwòrán. Òdòdó róòsì wà lára àwọn tó kéré jù, kọ́ìnì 1 péré ni. Kìnnìún tó máa ń bú ramúramù lójú fóònù ń lọ sí nǹkan bíi kọ́ìnì 30,000. Nítorí pé àwòrán ni ojú ń rí, ọwọ́ ènìyàn kì í mọ̀ pé owó ló ń jáde. Ẹni tó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú ń rí i bí owó rẹ̀ ṣe ń tán. Ẹni tó ń fi róòsì ránṣẹ́ ní aago méjìlá òru kì í rí i títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Èkejì ni pé ẹ̀bùn náà kì í dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fún ní odidi. Ilé iṣẹ́ TikTok ń yọ ìpín tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń tó ìdajì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ìdílé tó sá fún ogun ní ilẹ̀ Síríà, tí wọ́n ń jókòó tọmọtọmọ síwájú fóònù láti ṣagbe. Àwọn oníròyìn náà fi ẹ̀bùn tó tó dọ́là 106 ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù láti dán an wò. Dọ́là 33 ló kù nígbà tí TikTok yọ tirẹ̀ tán. Ṣọ́ọ̀bù tó ń sanwó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, àwọn alárinà náà yọ tiwọn, dọ́là 19 péré ló máa kù fún ìdílé. TikTok sọ nígbà náà pé owó tí òun ń yọ kò tó bẹ́ẹ̀, àti pé òun kò fàyè gba irú agbe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò sá: bí ẹni tó ń ṣètò bá ti ń fagbára gba owó lọ́wọ́ èrò, ẹlòmíràn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lára ohun tó fi ìtìjú gbà.

Ibi tí ipá ti ń wọ ọ̀rọ̀ jù ni ìdíje. Ènìyàn méjì á kojú ara wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Bí aago ṣe ń sún mọ́ òpin, ariwo á gbòde: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà mí o!" Wọn á máa pe orúkọ àwọn tó ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kò yàtọ̀ sí ẹni tí onílù dúró tì, tí kò sì fẹ́ lọ.

Ẹni tó fẹ́ jẹun lórí iṣẹ́ yìí láìni ẹnikẹ́ni lára ní ohun tó lè ṣe. Kó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò, kó sì sọ ọ́ kedere pé ọ̀fẹ́ ni wíwò. Kó pe orúkọ ẹni tó ti fúnni láti dúpẹ́, kó má pe ti ẹni tí kò tíì fúnni. Bí ó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ olóróòsì ni kó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkìnnìún. Bí ó bá rí i pé ẹnì kan náà ló ń náwó lálaalẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń le sí i, kó ní kó sinmi. Òfin TikTok sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, nítorí náà bí ohùn tàbí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá jọ ti ọmọdé, kó má gba tirẹ̀.

Dídáwó jọ fún àìsàn tàbí òkòwò tún le ju èyí lọ, nítorí àánú ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, òṣèré John Okafor, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mr Ibu, bẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà fún ìrànlọ́wọ́ lórí àìsàn ẹsẹ̀, wọ́n sì dá owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá fẹ̀sùn kan ènìyàn méjì tó sún mọ́ ọn pé wọ́n jí mílíọ̀nù 55 náírà nínú owó náà. Ọ̀gbẹ́ni náà kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún yẹn. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ sọ ni iye tí ilé ìwòsàn béèrè, orúkọ ẹni tó ni àpò owó ní báńkì, àti iye tó ti wọlé. Bí owó bá ti pé, kó kéde pé ó tó, kó sì dáwọ́ dúró. Kò sí ìdí láti máa fi egbò han èrò lójoojúmọ́ bí ìṣirò bá wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ yìí tàbí tó ń wò ó, ẹ lè fúnra yín mọ̀ bóyá ọrẹ ni àbí owó ìtìjú. Ẹ jókòó tì í fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fetí sí ohun tí ẹni tó wà lójú fóònù ń sọ. Bí àwàdà tàbí orin bá pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn lọ, òṣèré ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn bá pọ̀ ju eré lọ, alágbe ni, fóònù ló fi ṣe igbá.