Orin Kan, Òǹkà Púpọ̀: Ẹ Má Fi Fídíò Kan Dájọ́

Iyàn kan wà tí kì í tán ní kíláàsì wa: orin ta ni wọ́n wò jù lórí YouTube? Ẹnì kan á wo òǹkà tó wà lábẹ́ fídíò kan, á há a sórí, á sì fi bá ẹlòmíì jà lọ́jọ́ kejì. Lójú tèmi, òǹkà abẹ́ fídíò kan kì í ṣe òǹkà orin náà. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi "Calm Down" tí Rema kọ ṣe àpẹẹrẹ, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Orin náà jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2022, lábẹ́ Mavin, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde tí Don Jazzy dá sílẹ̀. Rema ṣe fídíò rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, rímíìsì tí òun àti Selena Gomez ará Amẹ́ríkà jọ kọ tún jáde. Àmọ́ fídíò ijó ti rímíìsì yìí kò dé títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 13 gbáko! Ẹni tó bá wá a lórí YouTube láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò lè rí fídíò ijó rẹ̀ wò. Ohùn lásán ló máa rí, tàbí fídíò ọ̀rọ̀-orin, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin náà sójú rẹ̀ kí èèyàn lè máa kà á bó ṣe ń dún. Nígbà tí fídíò gidi wá dé, ìwò ti àwọn ọjọ́ yẹn kò bá a lọ. Ibi tí wọ́n ti wò ó ló dúró sí. Ẹ tún rí i pé fídíò ti ẹni tó ni orin fúnra rẹ̀ ti pé méjì, ti Rema nìkan àti ti àwọn méjèèjì, òǹkà kálukú sì dá dúró.

Kí ló dé tí fídíò ọ̀rọ̀-orin kì í kú nígbà tí fídíò ijó bá dé? Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ rí aṣọ àti ijó á lọ sí ti ijó. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí olórin ń sọ, kó lè kọ ọ́ láìṣì, ti ọ̀rọ̀-orin ló máa wá. Àwòrán rẹ̀ kì í sì í yí púpọ̀, nítorí náà kì í jẹ dátà tó ti ijó. Ẹ̀yin náà mọ bí dátà ṣe rí lọ́wọ́ wa ní Ìlọ́fà níbí.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ẹ̀dà tí àwọn olólùfẹ́ orin ń tún gbé síta fúnra wọn. Òmíràn á fa orin náà gùn, òmíràn á mú kó yára, òmíràn á so ó pọ̀ léraléra di odidi wákàtí kan. Ibí ni òǹkà ti máa ń tan èèyàn. Bí orin bá jẹ́ ìṣẹ́jú 4, ó máa dún ní ìgbà 15 nínú fídíò wákàtí kan, síbẹ̀ ìwò ẹyọ kan ni YouTube máa kà fún ẹni tó jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ló kàn wá? Orin kan náà ṣáà ni." Ó kàn wá, torí owó wà nínú rẹ̀. YouTube ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Content ID, láti ọdún 2007. Ẹni tó ni orin á fún wọn ní ojúlówó rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa fi í wé fídíò tí àwọn èèyàn ń gbé wá. Bó bá rí ohun tó bára mu, ẹni tó ni orin lè ní kí wọ́n dí fídíò náà, ó lè gba owó ìpolówó orí rẹ̀, ó sì lè fi í sílẹ̀ kó kàn máa ṣọ́ òǹkà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀dà tí ẹ̀rọ bá dá mọ̀ ṣì lè pa owó fún olórin. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń yí ohùn padà tàbí kí wọ́n yí ìyára rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ni olórin ń pàdánù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi àlàyé abẹ́ fídíò: bí ẹ bá rí orúkọ orin àti ti olórin nínú àpótí tí wọ́n kọ "Music" sí, ẹ̀rọ ti dá a mọ̀. Ẹni tó gba owó nìkan ni àpótí yẹn kò ní sọ fún yín.

Kì í ṣe àná ni ẹ̀dà ti lágbára. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ìwé ìròyìn Billboard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwò YouTube mọ́ òǹkà tó fi ń to orin, títí kan fídíò àwọn olólùfẹ́ tó lo ojúlówó ohùn orin. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni "Harlem Shake" ti Baauer bọ́ sí ipò kìíní. Fídíò àwọn èèyàn lásán tí wọ́n ń jó sí i ló gbé e débẹ̀.

Báwo wá ni ká ṣe máa ṣírò? Ẹ kó gbogbo fídíò orin náà tẹ́ ẹ bá rí sí ìdì mẹ́ta: ti olórin fúnra rẹ̀, ti ọ̀rọ̀-orin, àti ẹ̀dà. Ẹ kọ òǹkà wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kẹ́ ẹ padà wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní (àpẹẹrẹ ìṣirò lásán ni o) ti olórin jẹ́ 400,000, ti ọ̀rọ̀-orin 150,000, ti ẹ̀dà 90,000. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n di 404,000, 156,000 àti 95,000. Bẹ́ ẹ bá wo àpapọ̀, ti olórin ló ń borí, ó ju ìdajì lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú 15,000 tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, 4,000 péré ni tirẹ̀, ti ọ̀rọ̀-orin sì jẹ́ 6,000. Àpapọ̀ ń sọ ìtàn àtẹ̀yìnwá, àfikún ọ̀sẹ̀ ló ń sọ ibi tí àwọn èèyàn wà báyìí.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Bí ìdì ẹ̀dà bá ṣàdédé dín kù, ẹ má sọ pé wọn ò fẹ́ràn orin náà mọ́. Ẹ yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. Bó bá jẹ́ "Video unavailable" lẹ rí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ ẹ̀dà yẹn kúrò. Ẹ fi òǹkà rẹ̀ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ nínú ìwé yín, torí àwọn tó wò ó ti wò ó ná.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí ò lè kó gbogbo rẹ̀ tán. Orin tí wọ́n dà sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún wa, tàbí èyí tí a fi ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù, kò sí YouTube kankan tó ń kà á.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí ẹgbẹ́ oníròyìn wa bá tún fẹ́ kọ "orin tí wọ́n wò jù" sára ògiri yìí, kí ó kọ òǹkà ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọjọ́ tó kà wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn olórin kan, ìlíǹkì fídíò tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má tún un gbé síta lórúkọ ara yín. Bẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwò yín á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́.