Fíìmù Kì í Ṣe Bọ́ọ̀lù: Ẹ Pa Àfikún Àwòrán Lórí Tẹlifíṣàn Tuntun

Bí tẹlifíṣàn tuntun bá wọlé, ohun tó sábà máa ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu ni pé fíìmù tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á wá dà bí ohun tí wọ́n fi kámẹ́rà òde ìgbéyàwó yà. Àwọn òṣèré á máa yọ̀ káàkiri bíi pé ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀, ààfin tí wọ́n fi owó ńlá kọ́ fún eré á wá hàn gbangba pé pákó àti ọ̀dà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní bí tẹlifíṣàn ìgbàlódé ṣe ń mọ́ tó nìyẹn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mímọ́ kọ́ ni. Ètò kan wà nínú tẹlifíṣàn náà, tí wọ́n ti tàn láti ilé iṣẹ́, tó ń fi àwòrán tirẹ̀ kún èyí tí olùdarí fíìmù yà. Ohun tí mo fẹ́ rọ̀ yín sí ni pé kí ẹ pa á nígbàkígbà tó bá jẹ́ fíìmù lẹ fẹ́ wò, kí ẹ sì pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọn.

Láti ìparí àwọn ọdún 1920 tí fíìmù ti ń sọ̀rọ̀, fọ́tò 24 ni kámẹ́rà sinimá ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ léra wọn níwájú wa, ojú wa kì í rí wọn ní fọ́tò mọ́, ìrìn ló ń rí. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣàn òde òní ń tún àwòrán rẹ̀ gbé jáde nígbà 60 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ohun tí 60Hz tàbí 120Hz tó wà lára páálí rẹ̀ ń wí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti 120. Bí a bá pín 120 sí ọ̀nà 24, márùn-ún ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣàn tó bá ń ṣe é bó ṣe yẹ á kàn fi fọ́tò kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Àmọ́ bí ètò àfikún bá wà ní títàn, ẹ̀rọ náà á wo fọ́tò kìíní àti èkejì, á fojú bu ibi tí ọwọ́, orí àti ẹsẹ̀ yẹ kó wà láàárín méjèèjì, á sì ya mẹ́rin tirẹ̀ há àárín wọn. Nínú àwòrán 120 tó ń kọjá lójú yín, 24 péré ló wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe fíìmù. Tẹlifíṣàn ló fojú bu 96 yòókù.

Kì í ṣe pé àwọn tó gbé ètò yìí kalẹ̀ kò ní ìdí. Tẹlifíṣàn LCD máa ń di àwòrán kọ̀ọ̀kan mú gírí títí èyí tó kàn á fi dé, bẹ́ẹ̀ ojú wa kì í dúró, ó ń bá ohun tó ń sáré lọ ni. Ìyẹn ló ń mú kí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá máa ṣú bàìbàì létí. Bí àwòrán bá pọ̀ sí i láàárín, bàìbàì náà á dín kù, bọ́ọ̀lù á sì hàn dáadáa. Oògùn bọ́ọ̀lù ni, kò sì burú fún bọ́ọ̀lù. Ibi tó ti di ìjàngbọ̀n ni pé wọ́n ń fún fíìmù lò ó láìbéèrè, nítorí pé ní ìsọ̀ tí tẹlifíṣàn ogún tò sí ògiri kan, èyí tó ń yọ̀ tó sì ń dán jù ni oníbàárà á kọ́kọ́ dúró wò.

Bàìbàì inú fíìmù kì í ṣe àléébù. Nígbà tí òṣèré bá ju ọwọ́ níwájú kámẹ́rà, ọwọ́ náà máa ń fà díẹ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ya fíìmù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi í ṣe ìwọ̀n bí ìjà ṣe máa le tó, bí ẹkún ṣe máa wúwo tó, bí kámẹ́rà ṣe máa yára yí sí ẹ̀gbẹ́. Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú fíìmù àgbéléwò ti kásẹ́ẹ̀tì mọ ìyàtọ̀ yìí lójú, bí a kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Àwọn kámẹ́rà fídíò tí wọ́n ń lò nílẹ̀ wa nígbà yẹn ń ya ìdajì àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, irú èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn fi ń ka ìròyìn. Ìdí nìyí tí ìrìn inú wọn fi ń yọ̀ bí ti òde àríyá, tí fíìmù tí a lọ wò ní sinimá sì dà bí ayé mìíràn. (N kò fi èyí bu àwọn eré náà kù, ohun tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n lò, wọ́n sì lò ó dáadáa.) Olùdarí òde òní tó ya fíìmù rẹ̀ ní fọ́tò 24 ti yàn láti fi ìrísí kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ètò àfikún á tún wọ́ ọ padà síbẹ̀ láìgba àṣẹ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń wọn nǹkan máa ń tàsé. Ẹ wá ibì kan nínú fíìmù tí ènìyàn ti ń rìn kọjá lẹ́yìn ọgbà onírin, tàbí níwájú ògiri bíríkì. Bí ara rẹ̀ bá ti ń wọ ẹ̀yìn irin, tó tún ń yọ, ẹ̀rọ kò mọ èyí tó jẹ́ ti ènìyàn àti èyí tó jẹ́ ti irin mọ́. Ẹ óò rí i pé etí aṣọ rẹ̀ ń hó bí omi, irin kan á tẹ̀ díẹ̀ kó tó nà padà, ohun kan bí òjìji á sì máa bá orí rẹ̀ lọ. Bí ìka bá ń yára, ọ̀kan nínú wọn lè pòórá fún ìṣẹ́jú bíńtín. Ẹ pa ètò náà, kí ẹ tún ibẹ̀ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ, a jẹ́ pé òun gan-an ni.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ti pariwo rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí Mission: Impossible – Fallout fẹ́ jáde fún wíwò nílé, Tom Cruise àti olùdarí rẹ̀, Christopher McQuarrie, ṣe fídíò kékeré kan láti fi rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n pa ètò yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ UHD Alliance, tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn àti ti fíìmù jọ wà nínú rẹ̀, kéde ohun tí wọ́n pè ní Filmmaker Mode, tí Martin Scorsese àti Christopher Nolan wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Bí ẹ bá yan èyí nìkan, ó ti pa àfikún àwòrán, ó sì fi àwọ̀ àti ìwọ̀n fíìmù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Àwọn kan á ní àṣà àtijọ́ lásán ni 24, pé ohun tó bá pọ̀ jù ló dára jù. Peter Jackson dán an wò: fọ́tò 48 ló fi ya The Hobbit tó jáde lọ́dún 2012, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì ráhùn pé ó jọ eré tẹlifíṣàn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kò burú. Jackson fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó sì tan iná, ó kun ojú òṣèré, ó kọ́ ilé eré rẹ̀ pẹ̀lú 48 lọ́kàn. Ẹni tó fi 24 lọ́kàn ṣe tirẹ̀ kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tẹlifíṣàn.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti àwọn tó ní bí àwọn bá pa á, àwòrán á máa gbọ̀n nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́. Òótọ́ ni, pàápàá lórí tẹlifíṣàn 60Hz. 24 kò pín 60 dọ́gba, nítorí náà tẹlifíṣàn á fi fọ́tò kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, á fi èyí tó tẹ̀ lé e hàn lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe lọ, ojú á sì mọ̀ pé ìrìn náà kò ṣe déédéé. Tẹlifíṣàn OLED náà máa ń fi ìfò láàárín fọ́tò hàn ketekete, nítorí pé ó yára. Bí ó bá ń dà yín láàmú, ẹ má pa ètò náà pátápátá. Ẹ yan Custom tàbí User, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n pè ní Judder Reduction tàbí De-Judder sí 1 tàbí 2 nínú 10. Púpọ̀ nínú wa, ojú á ti gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ kò pàdánù ohunkóhun: ẹ lè fi Sports sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ máa fi rìmóòtù yí padà.

Orúkọ ètò yìí ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sọ tirẹ̀ ní orúkọ. Lórí Samsung, ẹ wọ Settings, Picture, Expert Settings, ẹ óò rí Picture Clarity Settings; àwọn tó ti pẹ́ ń pè é ní Auto Motion Plus. LG ń pè é ní TruMotion, Sony ní Motionflow, Hisense ní Motion Enhancement tàbí Ultra Smooth Motion. Níbi tí Filmmaker Mode kò bá sí, ẹ yan Movie tàbí Cinema, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣì wọlé lọ wò, torí pé lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, ètò àfikún ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Movie.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bàjẹ́ jù lẹ́yìn rẹ̀ ni Sharpness. Kì í mú kí àwòrán mọ́. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fà yí etí nǹkan ká. Ẹ wo etí lẹ́tà dúdú tó wà lórí ohun tó mọ́lẹ̀, kí ẹ máa dín in kù títí ìlà náà á fi lọ. Lórí Samsung, 0 ni ibi tí kì í fi nǹkan kan kún un. Lórí Sony, 50 ni. Noise Reduction máa ń nu hóró fíìmù kúrò, ó sì máa ń nu ìhunjọ àti ihò ara mọ́ ọn, tí ojú òṣèré á fi máa dán bí àbẹ́là. Ẹ pa á fún fíìmù tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè fi Low sílẹ̀ fún eré àtijọ́ tí wọ́n gbà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sórí YouTube, torí pé èyí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe hóró fíìmù, ìdọ̀tí ni.

Bí ẹ bá kúrò nínú Vivid bọ́ sí Movie tàbí Filmmaker Mode, àwòrán á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó pọ́n díẹ̀, tó sì ṣókùnkùn. Vivid fi búlúù kún funfun gan-an ni, kò sí ohun tó ṣe èyí tuntun. Ẹ tan iná yàrá sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wo fíìmù kan tán pátá kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Kí ẹ sì rántí pé lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, ibi tí àwòrán ti ń wọlé kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀: èyí tí ẹ pa fún Netflix ṣì lè wà ní títàn lórí HDMI tí dikódà wà, tàbí nígbà tí ẹ bá fi fíláàṣì sí i. Ẹ ṣe é níkọ̀ọ̀kan.