ÀMÌ KÉKERÉ INÚ ÀTẸ: Ẹ MÁ KÀ Á MỌ́ IYE, Ẹ MÁ SÌ SỌ Ọ́ NÙ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn yìí kì í ṣe ti kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti irúgbìn tuntun. Ọ̀rọ̀ àwọn àmì kéékèèké ni, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ìwádìí máa ń gbé sókè díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye nínú àwọn àtẹ tí a ń tẹ̀ jáde fún yín. Àwọn àmì wọ̀nyí kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti mú kí àgbẹ̀ ná owó tí kò yẹ kí ó ná. Èrò tèmi sì ni pé ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwa tí a ń tẹ àtẹ ju ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lọ.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò. Ó da àtẹ kan kọ láti inú ìwé pélébé kan, kí ẹgbẹ́ lè fi ṣe ìṣirò ajílẹ̀ tí wọn yóò rà. Bí ó ti ń kọ ọ́, ó rí lẹ́tà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iye èso àgbàdo. Ó rò pé àṣìṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, ó sì pa gbogbo wọn rẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ pé jọ, wọ́n wo ìlà tí èso rẹ̀ pọ̀ jù lọ, wọ́n sì ra ajílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà náà ti wí. Nígbà tí mo débẹ̀, owó ti jáde lápò. Alága wọn, àgbàlagbà kan, bi mí léèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe iye tí ó ga jù ni ó yẹ kí á mú ni?” Ìbéèrè náà kò yé dùn mí títí di òní, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú lẹ́tà tí akọ̀wé pa rẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, mo ya àtẹ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ yìí. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é fún ẹ̀kọ́ ni. Kì í ṣe ìmọ̀ràn lórí ajílẹ̀ tí ẹ ó lò lóko yín.

| Náítrójìn (kílò fún hẹ́kítà) | Àpò yúríà fún hẹ́kítà | Èso àgbàdo (tọ́ọ̀nù fún hẹ́kítà) |
|---|---|---|
| 0 | 0 | 1.6ᶜ |
| 45 | 2 | 2.5ᵇ |
| 90 | 4¹ | 3.1ᵃ |
| 135 | 6¹ | 3.2ᵃ |

¹ Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ìgbà méjì.
Àwọn iye tí ó ní lẹ́tà kan náà nínú òpó kan kò yàtọ̀ síra ní ìwọ̀n 5 nínú 100.

Irú àmì méjì ni ó wà nínú àtẹ yìí, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni 1 kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4 àti 6. Kì í ṣe iye rárá. Ó kàn ń nawọ́ sí àlàyé tí ó wà ní ẹsẹ̀ àtẹ ni, bí ẹni ń sọ pé, “Dúró ná, ọ̀rọ̀ ṣì kù.” Èkejì ni àwọn lẹ́tà. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ara èsì ìwádìí fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti èkíní. Bí a bá da àtẹ yìí kọ láti ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, àmì tí a gbé sókè sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá iye lórí ìlà kan náà. 4¹ a di 41, 6¹ a sì di 61. Bí a bá wá ní kí kọ̀ǹpútà ro àpò gbogbo òpó náà pọ̀, 104 ni yóò dá wa lóhùn, nígbà tí òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 12. Àgbẹ̀ tí ó bá fara balẹ̀ yóò mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí pé àpò yúríà kan tí ó wọn kílò 50 ní náítrójìn kílò 23 nínú. Àpò 4 yóò fún wa ní kílò 92, èyí tí ó sún mọ́ 90 tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Àpò 41 yóò fún wa ní kílò 943, èyí tí kò bá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà mu rárá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irọ́ ni ó máa ń tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ká ní 2.5 ni ó ru àmì 1, yóò di 2.51. Ta ni yóò fura sí èyí? Ohun tí ó lè tú àṣírí rẹ̀ ni pé ojúewé kan náà, òpó kan náà, a máa ń kọ iye pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó dọ́gba lẹ́yìn pọ́íǹtì. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́yìn pọ́íǹtì nínú gbogbo òpó, tí ẹ sì wá rí méjì ní ibì kan, ẹ dá ọwọ́ dúró kí ẹ wo ẹsẹ̀ àtẹ. Bí àlàyé kan bá wà níbẹ̀ tí ó ru nọ́ńbà yẹn, tí ẹ kò sì rí àmì rẹ̀ níbòmíràn nínú àtẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti wọ inú iye lọ.

Lẹ́tà ní tirẹ̀ ń ṣe ìjàǹbá lọ́nà mìíràn. Bí ẹ bá kọ 3.1a sínú kọ̀ǹpútà, kò ní kà á sí iye mọ́. Ọ̀rọ̀ ni yóò pè é. Bí ẹ bá sì ní kí ó ro òpó náà pọ̀ pẹ̀lú `=SUM(C2:C5)`, yóò fo ibẹ̀ kọjá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó: ká ní akọ̀wé yọ lẹ́tà kúrò lára 1.6 àti 2.5, ṣùgbọ́n tí ó gbàgbé 3.1a àti 3.2a. `=AVERAGE(C2:C5)` yóò sọ pé ìdọ́gba èso jẹ́ 2.05. Òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 2.6. Iye méjèèjì ni ó jọ òótọ́ lójú, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì jẹ́ òótọ́.

Nígbà náà, ṣé kí á pa lẹ́tà rẹ́ bí akọ̀wé wa ti ṣe? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí lẹ́tà ń sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀ kan kò rí bákan náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun: ibì kan ọ̀rá, ibì kan òkúta. Nítorí èyí, olùwádìí a máa gbin ohun kan náà sí ebè púpọ̀ káàkiri, yóò sì wo bí èso wọn ti ń yàtọ̀ síra láìjẹ́ pé ajílẹ̀ ni ó fà á. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá béèrè bóyá ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìwọ̀n ajílẹ̀ méjì ju ohun tí ilẹ̀ nìkan lè fà lọ. Ọ̀nà ìṣirò kan tí a máa ń lò fún èyí ni ti Ọ̀gbẹ́ni Duncan, tí ó gbé e jáde ní 1955. Iye tí ó bá ní lẹ́tà kan náà, ìwádìí yẹn kò rí ẹ̀rí tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Iye tí ó bá ru lẹ́tà méjì, bí ab, kò ṣe é yà kúrò lára a, kò sì ṣe é yà kúrò lára b.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí àtẹ wa. 3.2 ga ju 3.1 lọ, ṣùgbọ́n a ni àwọn méjèèjì. Àpò yúríà méjì lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan ni ó wà láàrin wọn, ohun tí ẹ ó sì fi rà jẹ́ àgbàdo kílò 100 tí ìwádìí náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ajílẹ̀ ni ó mú un wá. Èyí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí alága ti rí kí wọ́n tó tú àpò. Lẹ́tà kò sọ pé iye méjèèjì dọ́gba pátápátá. Ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀rí kò tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà tí ó yàtọ̀ kò túmọ̀ sí pé èrè wà níbẹ̀, nítorí pé lẹ́tà kò mọ iye tí wọ́n ń ta àpò yúríà lọ́jà. Ẹ má sì ṣe fi a inú òpó kan wé a inú òpó mìíràn; òpó kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá ẹjọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí á ya àmì sọ́tọ̀, kí á má sì sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá fẹ́ da àtẹ kọ, ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ àtẹ, kí ẹ mọ iye àmì tí ó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ la òpó méjì fún òpó kan: iye nìkan nínú ọ̀kan, àmì nìkan nínú èkejì. 3.2 yóò wà níhìn-ín, a yóò wà lọ́hùn-ún. Iye ni ẹ ó fi ṣe ìṣirò. Àmì ni ẹ ó fi ṣe ìpinnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn àgbáyé ṣe nínú FAOSTAT: iye wà nínú òpó tí wọ́n pè ní Value, àmì sì wà nínú òpó Flag, níbi tí A ti túmọ̀ sí iye tí ìjọba fọwọ́ sí, tí E sì túmọ̀ sí iye tí a fojú dá.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tí a gbé sókè ni àmì àlàyé. Bí orí òpó bá sọ pé iye igi àgbàdo fún hẹ́kítà jẹ́ 53.3 × 10³, 3 kékeré yẹn jẹ́ ara iye. Ó ní kí ẹ fi 1,000 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó di 53,300. Bí ẹ bá yọ ọ́, oko yín ti parẹ́ nìyẹn. Bákan náà ni 2 tí ó wà lórí m² jẹ́ ara ìwọ̀n ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi tí ó kẹ́yìn kàn wá, àwa tí a ń tẹ àtẹ. Kí ló dé tí a fi ń gbé nọ́ńbà lé nọ́ńbà lórí? Bí àlàyé bá kan gbogbo òpó, orí òpó ni kí á gbé àmì rẹ̀ sí. Bí ó bá kan iye kan ṣoṣo, kí á lo ìràwọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́ iye. Kí á sì fún lẹ́tà ìwádìí ní òpó tirẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ojúewé wa kéré. Mo gbà pé ó kéré. Ṣùgbọ́n àpò yúríà méjì lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan wọ́n ju òpó kan lórí ìwé lọ. Títí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá rí iye tí ó ru àmì nínú àtẹ wa, ẹ bi òṣìṣẹ́ wa tí ó bá wá sí abúlé yín léèrè kí ẹ tó tú àpò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáhùn.