Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI ẸBÍ: Ọjọ́ Mẹ́rìnlá, Ìlú Márùn-ún



Baálé ilé kan tí ó ń gbé ní Èkó kọ ìwé sí wa pé òun fẹ́ kó ìyàwó òun, àwọn ọmọ mẹ́ta àti ìyá òun àgbà lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi. Ó fi àkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà ránṣẹ́: Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo, Iléṣà, Ìkógòsì, Ìdànrè àti Ìbíní. Ìlú mẹ́sàn-án fún ọjọ́ mẹ́rìnlá! Ó bèèrè bóyá ó pé. Ìdáhùn wa ni pé ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo, áḿbọ̀tórí ẹni tí ó lé mẹ́sàn-án. A ó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí bí a ti í to irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí à ń kà ni òru, kì í ṣe ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá jẹ́ òru mẹ́tàlá. Ọjọ́ tí a bá ń kó ẹrù kúrò ní ìlú kan lọ sí èkejì kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi: a ó jí ní kùtùkùtù, a ó di ẹrù, a ó jókòó nínú ọkọ̀, a ó wá ilé tí a ó sùn, ilẹ̀ yóò sì ṣú. Bí a bá sùn ní ìlú mẹ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹrù àti ọkọ̀ yóò gbà lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, ìlànà wa ni pé kí a má ṣe sùn ní ibi kan kí ó má tó òru méjì, kí ibi kan ó kéré tán sì wà tí a ó ti sùn ní òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí a bá pín òru mẹ́tàlá lọ́nà yìí, ìlú márùn-ún ni yóò gbà.

Ṣùgbọ́n èwo ni kí a yọ? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti wọlé. Ní Èkó, òjò oṣù kẹfà ni ó máa ń pọ̀ jù lọ. Láti ìparí oṣù keje títí dé òpin oṣù kẹjọ, òjò a máa dín kù, ìkùukùu a bo ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ a sì tutù. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹsàn-án, òjò a tún padà. Ní àwọn òkè Èkìtì àti Ìdànrè, ìdínkù yìí kò hàn tó bí ti etí òkun, nítorí náà kí a má ṣe rò pé òjò kò ní rọ̀ rárá. Síbẹ̀ oṣù kẹjọ dára fún òkè ju oṣù kìíní lọ. Nínú ọyẹ́, oòrùn a ti mú kí àpáta gbóná kí agogo mọ́kànlá tó lù, eruku a sì bo ohun tí a gun òkè láti wò. Àwọn omi tí ń dà láti orí àpáta pẹ̀lú a ti gbẹ kù sí fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú oṣù kẹjọ ìkùukùu ni ó ṣíji bo orí wa, omi sì ń dà pẹ̀lú agbára. Ohun tí à ń ṣọ́ra fún nígbà náà ni yíyọ̀ ilẹ̀: bí òjò bá rọ̀ ní òru, ẹ jẹ́ kí àpáta gbẹ kí ẹ tó gùn ún.

Nísinsìnyí, ìdílé yìí ń gbé ní Èkó. Etí omi, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ àti ariwo ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Àgbádárìgì kò ní yí ojú ọjọ́ padà fún wọn, kò sì jìnnà. Wọ́n lè lọ ní Àbámẹ́ta kan kí wọ́n padà ní ìrọ̀lẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ìtàn òwò ẹrú tí à ń gbọ́ níbẹ̀ wúwo, ó yẹ kí ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Nítorí náà a yọ ọ́. A yọ Ìbíní nítorí pé yóò fi ọ̀nà jíjìn kún àárín ìrìn náà, nígbà tí ó yẹ kí ara máa sinmi. Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà kò ní jẹ́ ibi sísùn mọ́. A ó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tí ó kù ni Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ìdànrè, Ìkógòsì àti Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta ni títò wọn. Nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ wa, Ìkógòsì ṣáájú Ìdànrè. A yí i padà, ìyípadà kékeré yìí sì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìmọ̀ràn wa. Ìdànrè ni iṣẹ́ tí ó le jù nínú ìrìn náà. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ó gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí òkè, níbi tí ààfin àtijọ́ ṣì wà, tí àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ojúgun àti itan yóò máa dun ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Ìkógòsì ẹ̀wẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun láti inú ilẹ̀, omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé lábẹ́ igi. Bí a bá kọ́kọ́ dé Ìkógòsì, a ó wẹ omi gbígbóná nígbà tí kò sí ohun tí ń ro wá, lẹ́yìn náà a ó gun òkè, a ó sì gbé ara ríro wọ ọkọ̀ padà sí Èkó. Bí a bá ṣe é ní òdìkejì, òkè a fún wa ní ìdí láti sinmi, omi a sì fún wa ní ìsinmi náà. Ọ̀nà pàápàá kò gùn sí i púpọ̀, nítorí Ìkógòsì wà ní ìhà tí a ó gbà padà sí Iléṣà láti Àkúrẹ́.

Bí ìrìn náà yóò ti rí nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ojú irin tuntun náà ti ń gbé èrò láti ọdún 2021, ó sì rọrùn fún ìyá àgbà ju ọkọ̀ ilẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lọ sí Olúmọ, òkúta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1830, kí wọ́n sì lọ wo aṣọ àdìrẹ ní Ìtòkú. Òkè kékeré ni èyí. Yóò sì fi han baba bí ẹsẹ̀ olúkúlùkù ti lágbára tó kí wọ́n tó dé Ìdànrè.

Ní Àbámẹ́ta, kí wọ́n háyà ọkọ̀ gba Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo. Ọ̀nà yìí gùn, nítorí náà Ọjọ́ Ìsinmi tẹ̀lé e: ìjọsìn, oúnjẹ, oorun ọ̀sán, kò sí ohun mìíràn. Ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ àgbáyé tí ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní aráyé ní ọdún 2005, kí wọ́n wo àwọn ère ńláńlá tí Súsáńnè Wẹ́ńgà, ẹni tí ó kú ní ọdún 2009, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì mọ síbẹ̀. Inú oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Kí baba bèèrè ọjọ́ rẹ̀ kí ó tó san owó ilé, nítorí ní ọjọ́ náà èrò a kún ìlú, ilé àlejò a sì wọ́n.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n gba Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n sì yà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ifẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Kí wọ́n wo orí idẹ díẹ̀ dáadáa, irú àwọn tí a wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníje ní ọdún 1938, kí wọ́n má ṣe sáré ka gbogbo nǹkan tí ó wà nínú àpótí. Igbó àti ère amọ̀ ni a ti rí lánàá. Orí idẹ lónìí yóò fi iṣẹ́ ọnà àtijọ́ gbe ti ìgbà wa lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fi ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kẹta kún un, àwọn ọmọ kò ní rí i mọ́.

Ní Ọjọ́rú, òkè Ìdànrè. Kí wọ́n kúrò ní Àkúrẹ́ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, kí olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀, kí wọ́n sì máa sinmi ní ibi ìsinmi tí ó wà lójú àtẹ̀gùn. Ìyá àgbà yóò dúró ní ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ọmọ tí ó kéré jù. Kí a ti sọ èyí fún un ṣáájú, kí ó má bàa jẹ́ ìtìjú fún un lójú àwọn ọmọ. Bí òjò bá sì ká wọn mọ́ ní òwúrọ̀ yẹn, kí wọ́n fi òru kan kún Àkúrẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ti Ìkógòsì.

Nítorí èyí ni a ṣe fún Ìkógòsì ní òru mẹ́rin, láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́ Ìsinmi. Kí a má ṣe kọ ohunkóhun sí ọjọ́ Ẹtì. Ní Àbámẹ́ta, bí ara bá ti le, wọ́n lè lọ wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń dà ní ìpele méje. Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn fún tọmọdé tàgbà, ó sì tó. Òtútù òru wà ní òkè Èkìtì, nítorí náà ẹ má ṣe gbàgbé aṣọ òtútù tí ará Èkó kì í sábà lò.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n yóò lọ sí Ìbàdàn fún òru méjì. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ igbó, ìlú ńlá kò ní dẹ́rù bà wọ́n mọ́. Kí wọ́n wo ìlú láti Òkè Àárẹ, níbi tí ilé gogoro ìrántí Ọ̀gágun Báwà ti wà láti ọdún 1936, kí wọ́n sì ra ohun tí wọn yóò rà níbẹ̀, kì í ṣe ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n má bàa gbé ẹrù káàkiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọjọ́rú, ọkọ̀ ojú irin yóò gbé wọn padà sí Èkó.

Ẹ má ṣe rin ọ̀nà kankan nínú ìrìn yìí ní òru. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á láìpẹ́, kí ẹ sì ti wọlé kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Àmì kan wà tí baba fi lè mọ̀ bóyá ìrìn náà ń yára jù. Ní ìdí oúnjẹ alẹ́, kí ó bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kí ni ó rí lánàá. Bí ọmọ bá dáhùn kíá, ó dára. Bí ó bá ń da Olúmọ pọ̀ mọ́ Òṣogbo, kí baba pa ohun kan rẹ́ nínú ètò ọ̀la, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n sùn títí oòrùn yóò fi yọ.