Kì í ṣe Ìka Ló Ń Pa Ọ́

Ní Imọta níbí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Call of Duty: Mobile bá ń kú lemọ́lemọ́, wọ́n á ní ìka rẹ̀ kò yá. Èmi kò gbà. Ibi tó dúró sí ló ń pa á.

Ẹ wo igun ilé kan nínú géèmù náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ògiri, á rò pé òun ti sá pamọ́. Bó bá fẹ́ yọjú, èjìká rẹ̀ á ti hàn sí ọ̀tá tó dúró jìnnà sí igun náà, kí òun tó rí i rárá. Kó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta kúrò lára ògiri, kó sì máa yí igun náà ká díẹ̀díẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ rí èjìká ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ la sì máa ń tọ́ka ìbọn sí bí a bá ń sáré. Ọ̀tá á yọ, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e sókè. Ẹni tó ti fi àmì àárín ojú fóònù sí ìwọ̀n orí ènìyàn, létí igun, títẹ̀ nìkan ló kù fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé fóònù òun ló ń lọ́ra. Ó kú nígbà mẹ́tàlá. Mo gba fóònù yẹn náà, mo kú nígbà márùn-ún. Lóòótọ́, ó lọ́ra: ẹni tó dúró dáadáa bíi tèmi ló pa mí nínú mẹ́ta.