Ògiri Sán: Èló La Ó Ní Kí Onílé Yọ Kúrò?

Tọkọtaya olùkọ́ kan tó ń gbé ní Gombe kọ̀wé sí wa. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fẹ́ fi ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan, mílíọ̀nù 32 náírà. Èjẹ́ńtì ń kán wọn lójú, ṣùgbọ́n wọ́n mú ẹnjiníà lọ wo ilé náà. Ó rí ibi tí ògiri yàrá ẹ̀yìn ti sán láti igun fèrèsé dé òkè, tí ojú sísán náà ń tẹ̀ lé ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn. Ó fẹ̀ tó mílímítà 7 lókè, ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá yẹn kò tún pa dé dáadáa mọ́. Wọ́n bi wá pé ṣé kí wọ́n ní kí Alhaji tó ni ilé yọ mílíọ̀nù 10.

Ìdáhùn wa ni pé mílíọ̀nù 10 kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Bí Alhaji bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i, kí ni wọ́n máa sọ? Ohun tó fa sísán náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ni yóò sọ iṣẹ́ tí a ó ṣe, iṣẹ́ yẹn ni yóò sì sọ iye owó.

Ẹni tó bá ti gbé apá ibẹ̀ mọ amọ̀ dúdú. Lásìkò òjò ó máa ń wú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń sún kì, á sì lanu. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìn á máa bá a lọ sókè sódò. Ní ti ilé yìí, igi dóńgóyárò ńlá kan wà ní nǹkan bí mítà 3 sí igun ẹ̀yìn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi inú amọ̀ náà, igun náà sì ń rì. Ìdí nìyẹn tí sísán náà fi fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní kí a gé igi náà lulẹ̀ lọ́la. Kí wọ́n má ṣe é láìgba ìmọ̀ràn ẹnjiníà, torí amọ̀ tí igi ti ń gbẹ fún ọdún pípẹ́ lè wú padà, kí ó sì gbé ilé náà sókè.

Ṣé igun náà ṣì ń rìn? Ẹnjiníà máa ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kọjá ojú sísán, á kọ déètì sí i, á sì padà wá wọ̀n ọ́n. Lórí amọ̀ dúdú, oṣù kan kò tó, ó yẹ kí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kọjá lórí rẹ̀. Alhaji kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀dà tuntun, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí i nígbà kan ti tún sán. Ìyẹn ti tó ẹ̀rí.

Ẹnjiníà wá kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀: kí a gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ igun náà ní mítà kọ̀ọ̀kan, láìgbẹ́ ibi méjì tó fara kanra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a da kọnkéré sí i, kí a fi irin rán ojú sísán, kí a tún un rẹ́. Mílíọ̀nù 3.2 ni. Owó àbójútó jẹ́ 300,000, owó ilé tí wọ́n á máa san lọ níbi tí wọ́n wà títí iṣẹ́ á fi parí jẹ́ 200,000, a sì fi 320,000 sí i fún ohun tí ojú kò rí lábẹ́ ilẹ̀. Ó jẹ́ mílíọ̀nù 4 àti díẹ̀. Wọn kò fi ọ̀dà gbogbo ilé tàbí páànù àtijọ́ kún un, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí àwọn ìyẹn hàn kí wọ́n tó dá owó lé ilé.

Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà lọ, Alhaji ní òun ti ro ti sísán náà mọ́ owó tí òun pè. Ìyàwó náà rọra dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, Alhaji, ilé tí kò sán ní òpópónà kan náà, mílíọ̀nù 32 náà ni wọ́n ń pè é.” Alhaji kọ́kọ́ yọ mílíọ̀nù 2. Ó tún ní òun lè fi bíríkìlà òun tún un ṣe, wọ́n kọ̀, torí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn tẹ́lẹ̀. Níkẹyìn ó gbà láti ru owó iṣẹ́ náà, mílíọ̀nù 3.2, àwọn á sì ru ìyókù. Ó di ₦28,800,000.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn. Lábẹ́ òfin wa, olùrà ni kí ó la ojú rẹ̀. Sísán tó hàn sí ojú ọjà di ti ẹni tó rà á lẹ́yìn ìsanwó. Lọ́yà wọn ti kọ iye tuntun náà sínú ìwé, Alhaji sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ tí wọ́n san àsansílẹ̀.