Àwòrán Ọ̀nà Lẹ́yìn Káàdì Ìpè

Láyé àwọn baba wa, ẹnu ni a fi ń pe ènìyàn sí ìnáwó. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ìpè náà ni yóò júwe ilé, bí ọ̀nà bá sì ṣòro, a ó fi ọmọdé dúró ní oríta láti mú àlejò wọlé. Káàdì tí a ń tẹ̀ kò lẹ́nu. "Ẹ yà sí ọ̀tún" tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ sí i kò tó, nítorí pé ọ̀tún ẹni tí ń lọ ni òsì ẹni tí ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìsọmọlórúkọ kan nínú Agbówó, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá ti Mọ́kọ́lá gba Sáńgo wá yóò bá ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn ní òsì, Agbówó ní ọ̀tún. Ìdàkejì èyí ni ti ẹni tí ó ti Òjóò bọ̀. Bí káàdì bá ní kí gbogbo wọn yà sí ọ̀tún, inú ọgbà Yunifásítì ni ará Òjóò yóò bá ara rẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi bèèrè ọ̀nà padà, a ti fún ọmọ lórúkọ tán.

Àwòrán kékeré ni yóò yanjú èyí. Kí a fa ìlà kan tí ó nípọn fún ọ̀nà ńlá, kí a kọ Mọ́kọ́lá sí ìpẹ̀kun kan, Òjóò sí èkejì. Kí a sàmì sí ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì, kí a wá fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ Agbówó ní òdìkejì rẹ̀. Gbogbo àdúgbò tí ó wà láàrin àmì yìí àti ibi tí a ó ti yà ni kí a fi kùkùté ìlà hàn, bí a kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn, kí àlejò lè kà wọ́n. Àwọn yòókù kò wúlò, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Inú àdúgbò gan-an ni kí a fẹ̀ lójú, nítorí níbẹ̀ ni ìyàkúyà pọ̀ sí. Kí a sì kọ ọ́ pé àwòrán náà kò bá ìwọ̀n ilẹ̀ mu.

Mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-ìwé ni kí a fi ṣe àmì, kì í ṣe ìsọ̀ oníbúrẹ́dì tí ó lè ti kó lọ kí ọjọ́ tó pé. Àmì kan tún ṣe pàtàkì tí a máa ń gbàgbé: ohun tí ó wà ní iwájú ilé náà díẹ̀, kí a kọ síbẹ̀ pé, "Bí ẹ bá dé ibí, ẹ ti kọjá."

Kí a tó tẹ káàdì, kí a fún ẹni tí kò dé àdúgbò náà rí ní àwòrán yìí, kí ó máa lọ láìbèèrè. Ibi tí ó bá ti dúró wò yán-án-yàn-àn-án ni àmì kù sí. Kí a sì yẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ wò lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé, nítorí bí ó bá sún àwòrán kì, lẹ́tà kéékèèké a máa di ẹrẹ̀. Máàpù orí fóònù dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbà ni ó ń lò ó, àmì rẹ̀ a sì máa bọ́ sí òpópónà ẹ̀yìn nígbà mìíràn.

Nọ́ńbà tí a ó kọ sábẹ́ àwòrán náà, kí ó jẹ́ ti ẹni tí yóò wà ní ìta, kì í ṣe ti baba ọmọ.